Ẹnu yín ni wọ́n ń sanwó fún nínú ìdánwò áàpù

"Ẹ jọ̀ọ́, mo gbọ́ pé wọ́n ń sanwó fún èèyàn kó bá wọn dán áàpù wò. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é, èló ló sì ń wọlé?"

Lọ́ńdọ̀nù níbí ni mo ti ń ṣe é. Èyí tí mò ń rí jù ni ìdánwò tí èèyàn ń dá ṣe fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, dọ́là 10 ni wọ́n sì ń san fún mi lórí rẹ̀. Èyí tí ẹ ó ti máa bá olùwádìí sọ̀rọ̀ lójúkojú lórí fóònù ń sanwó jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ kì í wá lemọ́lemọ́.

Kí iṣẹ́ tó bọ́ sí yín lọ́wọ́, wọ́n á kọ́kọ́ bi yín ní ìbéèrè díẹ̀: ṣé ẹ máa ń fi fóònù ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè, ṣé ẹ ní ọmọ kékeré nílé. Tí ìdáhùn yín kò bá bá ohun tí wọ́n ń wá mu, ó parí nìyẹn, kò sì sí owó fún àkókò yẹn. Èyí tí wọ́n ń dá mi padà lórí rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí mo ń rí ṣe lọ. Ẹ má parọ́ láti wọlé o, torí bí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ ròyìn ìgbà tí ẹ ṣe nǹkan náà gbẹ̀yìn.

Ìdánwò mi àkọ́kọ́ bà jẹ́. Mo rò pé ìyára ni wọ́n ń fẹ́, mo yáa ṣe gbogbo rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Máàkì tí wọ́n fún mi kéré gan-an, iṣẹ́ sì dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ó dùn mí. Ìgbà yẹn ló yé mi pé fídíò ojú fóònù àti ohùn èèyàn ni wọ́n ń gbà sílẹ̀, ohùn yẹn ni wọ́n sì nílò.

Ẹ wo èyí tó yọrí sí rere. Wọ́n ní kí n fi áàpù kan ṣe bí ẹni ń fi 20 pọ́n-ùn ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́. Mo tẹ iye owó, mi ò rí ibi tí màá tẹ̀ kó lè tẹ̀ síwájú. Mo wá ń sọ ọ́ bó ṣe ń wá sí mi lọ́kàn: "Mo ti kọ iye rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni mò ń wò, mi ò rí nǹkan kan. Ṣé kí n padà ni? Ẹ̀rù ń bà mí kí owó má lọ lẹ́ẹ̀mejì." Ìgbà tí mo ti kíbọ́ọ̀dù wálẹ̀ ni "Continue" yọjú lábẹ́ rẹ̀. Ìdààmú yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Áàpù ni wọ́n ń dán wò, kì í ṣe ẹ̀yin, nítorí náà ẹ má fi ìdààmú yín pamọ́, ẹ má sì máa yìn wọ́n ṣáá.

Ẹ tan "Do Not Disturb" kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìfiránṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi nípa àìsàn màmá wa ti yọ sójú fóònù rí nígbà tí wọ́n ń gba fídíò lọ́wọ́, mi ò sì lè pa á rẹ́ mọ́. Ẹ má tẹ nọ́ńbà káàdì yín gidi sí i. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, olè ni. Tó bá sì jẹ́ Nàìjíríà lẹ wà, ẹ wò ó kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀ bóyá wọ́n ń gba ará Nàìjíríà, àti ọ̀nà tí owó máa gbà dé ọwọ́ yín. PayPal ni tèmi ń bá wọlé, lẹ́yìn bí ọjọ́ 7.