Àjọ tó fún mi níwèé ẹ̀rí ti kógbá sílé: ọwọ́ ta ni àkọsílẹ̀ wà?

"Ẹ̀yin àgbà, omi ti ba ìwé ẹ̀rí mi jẹ́. Àjọ tó fún mi ti dàpọ̀ mọ́ òmíràn, orúkọ rẹ̀ kò sí mọ́. Ibi iṣẹ́ tuntun ní àwọn fẹ́ rí ojúlówó. Ta ni kí n kọ̀wé sí, ṣé wọ́n sì lè tẹ òmíràn fún mi pẹ̀lú orúkọ àtijọ́?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da àjákù yẹn nù. Èmi da tèmi nù. Omi ti wọ inú rẹ̀, tádàá ti ṣàn, mo ní kí ni mo tún fẹ́ fi ṣe. N kò mọ̀ pé nọ́ńbà kékeré tó wà ní ìsàlẹ̀ ìwé náà ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi mí. Oṣù mọ́kànlá ni mo fi wá ohun tí nọ́ńbà yẹn ìbá ti yanjú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ tẹ́ ìwé náà síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kì í ṣe inú oòrùn, ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rá gbígbóná bò ó fún yín. Ooru yẹn máa ń tẹ èdìdì tó yọ sókè pẹrẹsẹ, bẹ́ẹ̀ èdìdì yẹn wà lára ohun tí àwọn tó ń yẹ ìwé wò máa ń fọwọ́ kàn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo orúkọ tó wà lókè ìwé náà gan-an. Ọ̀tọ̀ ni ilé ìwé tó kọ́ni, ọ̀tọ̀ ni àjọ tó fúnni níwèé ẹ̀rí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ kan wà tí wọ́n ń pè ní CNAA, òun ló ń fún àwọn tó kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga polí ní oyè wọn. Ní 1992, àwọn polí wọ̀nyẹn di yunifásítì, ní 1993 CNAA kógbá sílé. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá sọnù lónìí lè máa kọ̀wé sí yunifásítì tó rọ́pò polí rẹ̀ títí, nígbà tó jẹ́ pé Open University ni wọ́n fa àkọsílẹ̀ oyè CNAA lé lọ́wọ́, ilé ẹ̀kọ́ tí kò bá a tan rárá. Àkọsílẹ̀ máàkì ní tirẹ̀ sábà máa ń wà lọ́dọ̀ ilé ìwé tó kọ́ni. Ti ìdàpọ̀ bíi tiyín rọrùn díẹ̀, torí ẹni tó gba iṣẹ́ sábà máa ń gba ìwé pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí NEAB, àjọ ìdánwò kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún níwèé, AQA, àjọ tó jáde látinú ìdàpọ̀ ní 2000, ni yóò kọ̀wé sí. Tí ẹ kò bá mọ ẹni tó gbà á, ọ́fíìsì ìjọba tó ń ṣàbójútó irú àjọ bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ bi.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Àjọ tó fún mi níwèé dàpọ̀ mọ́ méjì mìíràn, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ àjọ tuntun tó jáde látinú ìdàpọ̀ náà tún gbé ẹ̀ka ìdánwò rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Mo kọ̀wé sí ẹni ìkẹyìn yìí, mo san owó ìwákiri, èyí tí wọn kì í dá padà bí wọn kò tilẹ̀ rí nǹkan kan. Lẹ́yìn oṣù méjì, ìlà kan péré ni èsì wọn: "A kò ní àkọsílẹ̀ yín." Mo tún kọ, èsì kan náà. Mo pè wọ́n, ẹni tó gbé fóònù ní bóyá n kò ṣe ìdánwò náà rárá. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́ta kàwé lóru! Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí títí di òní.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi nìyí: "a kò ní" ní ìtumọ̀ méjì. Ó lè jẹ́ pé ìwé ọdún yẹn kò sí lọ́wọ́ wọn rárá, ẹ ní láti wá ibòmíràn lọ. Ó sì lè jẹ́ pé ó wà lọ́wọ́ wọn, àmọ́ ohun tí ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù kò gbé wọn débẹ̀. Ẹ bi wọ́n lọ́nà tí wọn kò fi ní rí ibi yẹ̀ sí: "Ṣé ọ̀dọ̀ yín ni àkọsílẹ̀ ọdún yìí wà? Tó bá wà, orúkọ, nọ́ńbà ibùdó ìdánwò àti ọdún wo lẹ fi wá a?" Ìgbà tí mo béèrè báyìí ni obìnrin kan níbẹ̀ tó ṣàlàyé fún mi. Ìwé ńlá ni wọ́n ń lò láyé ìgbà yẹn, ibùdó àti ìgbà ìdánwò ni wọ́n fi tò ó, wọn kò fi orúkọ tò ó. Ẹni tí kò bá mọ ibùdó, àfi kó máa ṣí i lójúewé lójúewé, wọn kò sì ní ṣe bẹ́ẹ̀ fún owó tí mo san.

Èmi sì ti kọ ọdún tí mo parí ẹ̀kọ́. Mo ti gbàgbé pé mo tún ìdánwò kan ṣe ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní ibùdó mìíràn. Ìgbà tí mo yege nínú ìdánwò ìkẹyìn yẹn ni wọ́n tó kọ ìwé ẹ̀rí fún mi, nítorí náà abẹ́ ọdún tó tẹ̀ lé e ni orúkọ mi wà. Orúkọ bàbá mi ló sì wà níbẹ̀, orúkọ ọkọ mi ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù. Àṣìṣe mẹ́ta nínú fọ́ọ̀mù kan. Ọwọ́ mi ni wọ́n ti wá, àmọ́ ẹni tó ń gbowó ìwákiri yẹ kó mọ̀ pé kó béèrè bóyá mo tún ìdánwò ṣe tàbí mo yí orúkọ padà. Nígbà tí mo rí káàdì ìdánwò kejì nínú àpótí ìyá mi, tí mo fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi rí orúkọ mi.

Fọ́ọ̀mù, ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀, ẹ̀rí ìyípadà orúkọ, ẹ mọ ìyẹn. Fún èyí tó sọnù pátápátá, wọ́n lè béèrè ìwé ọlọ́pàá tàbí ìbúra kóòtù. Ìbúra yẹn kàn ń sọ pé ìwé sọnù ni, kò lè sọ pé ẹ yege.

Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn tó ń polówó pé àwọn máa tẹ ìwé ẹ̀rí àjọ tó ti kógbá sílé bí ti àtijọ́ gẹ́lẹ́. Ayédèrú ni. Tí ibi iṣẹ́ bá yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀sùn ayédèrú ìwé máa bá ẹni tó yege ní tòótọ́.

Èyí ló gbé mi dé ìbéèrè yín lórí títẹ òmíràn. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kì í tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú orúkọ àtijọ́, torí àjọ náà kò sí mọ́ láti buwọ́ lù ú. Ohun tí mo gbà ni lẹ́tà ìjẹ́rìísí: orúkọ àjọ àtijọ́, ọjọ́ tí mo gbà á, èsì mi, àti gbólóhùn kan pé ọ̀dọ̀ wọn ni àkọsílẹ̀ àjọ náà wà báyìí. Gbólóhùn yẹn ṣe pàtàkì. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí wọ́n fún mi kò ní in, ibi iṣẹ́ sì dá a padà pé orúkọ tó wà lórí lẹ́tà kò bá ti inú ìwé ìwáṣẹ́ mi mu. Ẹ kọ́kọ́ bi ibi iṣẹ́ yín, kí wọ́n fi ìmeèlì dáhùn, bóyá wọ́n máa gba irú lẹ́tà yìí, bóyá wọ́n sì fẹ́ kí àjọ fúnra rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí wọn tààrà. Èmi fi tèmi lé wọn lọ́wọ́, wọ́n kọ̀ ọ́ nítorí pé èmi ni mo gbé e wá, mo tún san owó ìfiránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.