Olè Ìdúmọ̀tà àti "had" tó sọnù

"Ẹ jọ̀ọ́, bí nǹkan méjì tó ti kọjá bá wà nínú gbólóhùn òyìnbó kan ṣoṣo, èwo ni ká fi 'had' sí? Bírò pupa ni ọ̀gá mi fi ń fa ìlà sí tèmi, wọn kì í sọ ìdí."

Èyí tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ni. Ibi tó ti máa ń di wàhálà ni gbólóhùn tí "when" bá wà nínú rẹ̀. Ìdúmọ̀tà ni mo ti ń tẹ lẹ́tà fún àwọn oníṣòwò, ojú mi sì ti rí nǹkan. Ìyá oníléèsì kan ti fi èyí ránṣẹ́ sí àwọn adójútòfò kí wọ́n tó wá bá mi:

"When I opened the shop on Monday, thieves broke the ceiling and took nine cartons of lace."

Wọ́n pe màmá pé kí wọ́n wá ṣàlàyé: ṣé ojú wọn kòrókòró ni olè fi kó ẹrù ni? Ẹni tó béèrè ò jẹ̀bi. Nígbà tí kò sí "had" níbẹ̀, ohun tí òyìnbó yẹn ń sọ ni pé bí màmá ṣe ṣílẹ̀kùn tán ni olè bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àjà. Àbí irú olè wo ló ń dúró de oníṣọ́ọ̀bù! Bí a ṣe tún un kọ nìyí:

"When I opened the shop on Monday, thieves had broken the ceiling and taken nine cartons of lace."

"Had" kan yẹn ló gbé "broken" àti "taken" pọ̀, kò sídìí láti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ṣáà rí i pé ìkẹta nínú "take, took, taken" lẹ mú, torí "had took" pọ̀ nínú lẹ́tà tí wọ́n ń gbé wá. "Opened" ò gba "had" ní tiẹ̀, òun ló ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn.

Ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá: "Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, olè ti kó o lọ." Ibi tí "ti" bá bọ́ sí ni "had" ń lọ. "Ti" yìí kan náà ló sì ń ti àwọn kan sí "has taken", torí pé tàná-tòní ló ń bá ṣiṣẹ́. Bí "opened" bá ti wà níbẹ̀, "had" ni.

Ti "before" àti "after" rọrùn. "I called my son before the police came" ti pé bẹ́ẹ̀, torí "before" fúnra rẹ̀ ti sọ èyí tó ṣáájú. Bákan náà ni bí ẹ bá ń tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an: "I opened the door, saw the hole and called my son." Kò sí "had" kankan níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa ṣi í gbọ́.

Nínú lẹ́tà iṣẹ́, ẹ kọ "I had" jáde, ẹ má gé e sí "I'd". "I would" náà ni wọ́n ń gé bẹ́ẹ̀.