Ẹ̀wà lálẹ́ ọjọ́ iṣẹ́: ìkòkò púréṣọ̀ tàbí ìkòkò orí gáàsì?

"Ẹ̀yin òbí, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni mò ń dé láti ibi iṣẹ́, ebi á sì ti máa pa àwọn ọmọ. Wọ́n ní ìkòkò púréṣọ̀ máa ń se ẹ̀wà olóyin jinná ní ìṣẹ́jú 25, àmọ́ nígbà tí mo wo aago, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan. Ṣé kí n kúkú padà sí ìkòkò orí gáàsì? Ẹsẹ̀ màlúù ńkọ́?"

Ẹ kú làálàá, ìyá ọmọ. Ìṣẹ́jú 25 yẹn kì í ṣe irọ́, àmọ́ wọn ò ka àkókò tí ìkòkò fi ń gbóná kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú, wọn ò sì ka èyí tí ooru fi ń rọlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ jẹ́ ká kà á pọ̀. Ká ní ife ẹ̀wà olóyin 2 lẹ fẹ́ sè láìrẹ ẹ́, pẹ̀lú omi ife 6. Ìkòkò púréṣọ̀ oníná á lo bí ìṣẹ́jú 12 kó tó gbóná tán, á fi 25 sè é, ooru á sì lo bí 15 kó tó rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìṣẹ́jú 52 nìyẹn. Ẹ̀wà yẹn kan náà lórí gáàsì á tó wákàtí kan àti ààbọ̀, á sì jù bẹ́ẹ̀ lọ tó bá ti pẹ́ nínú àpò. Omi tó ń hó nínú ìkòkò lásán kì í gbóná ju 100 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ̀sì lọ, ṣùgbọ́n ooru tí a sé mọ́ inú púréṣọ̀ oníná lè gbé e dé bí 115. Ibẹ̀ ni gbogbo ìyàtọ̀ náà ti wá.

Tí ẹ bá rẹ ẹ̀wà sómi kí ẹ tó sùn, ìyàtọ̀ yẹn á dín kù gan-an. Ìṣẹ́jú 10 ti tó o nínú púréṣọ̀, nígbà tí orí gáàsì á gba bí ìṣẹ́jú 45, àmọ́ ẹ má gbàgbé pé púréṣọ̀ ṣì máa gbóná, ó sì ṣì máa rọlẹ̀. Lójú tèmi, ohun tó ń gbani là lálẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ ni pé kò sẹ́ni tó ń dúró ti púréṣọ̀ láti bu omi kún un. Ẹ lè wẹ ọmọ, kí ẹ sì wo iṣẹ́ iléèwé wọn.

Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀wà àti omi ju ìdajì ìkòkò lọ, torí ẹ̀wà máa ń hó ìfófòó, ìfófòó yẹn sì lè dí ihò tí ooru ń gbà jáde. Ṣíbí òróró kan máa ń mú un wálẹ̀. Ẹ má ṣí ihò náà kíákíá, ẹ jẹ́ kí ooru rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi ẹ̀wà á tú jáde, èèpo ẹ̀wà á sì bó. Tí ẹ bá ṣí i, ẹ mú hóró kan, kí ẹ fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́. Tí àárín rẹ̀ bá ṣì funfun, tó sì le bí ìyẹ̀fun tó gbẹ, ẹ padà dé e fún ìṣẹ́jú 5. Kò ní pẹ́ gbóná mọ́, torí omi inú rẹ̀ ti gbóná.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù tún ní wàhálà mìíràn: omi yín le. Ohun funfun tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tù yín wà nínú omi tí ẹ fi ń se ẹ̀wà, kì í sì í jẹ́ kí èèpo ẹ̀wà tètè rọ̀. Ní Mánṣẹ́sítà níbí, omi wa rọ̀, ẹ̀wà sì máa ń tètè jinná. Ẹ fi omi tí jọ́ọ̀gì ti sẹ́ sè é, tàbí kí ẹ fi kán-ún díẹ̀ sí i, kó má pọ̀ jù kó má baà dùn bí ọṣẹ. Ata àti tòmátì, ẹ dúró kí ẹ̀wà rọ̀ tán ná, torí kíkan wọn máa ń mú kó le.

Ní ti ẹsẹ̀ màlúù, ibẹ̀ ni púréṣọ̀ ti ń jèrè jù. Orí gáàsì á gba bí wákàtí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí iṣan rẹ̀ tó yọ́, púréṣọ̀ á ṣe é ní bí wákàtí kan, yàtọ̀ sí ìgbóná àti ìrọlẹ̀. Ẹ má sè é pọ̀ mọ́ ẹ̀wà o, torí kí ẹran tó rọ̀, ẹ̀wà á ti di àṣáró. Ọjọ́ Sátidé ni kí ẹ se ẹran sílẹ̀, kí ẹ pín in sínú ike kéékèèké, kí ẹ kó o sí fìríìsà. Tí ẹ̀wà bá ti jinná lọ́jọ́ iṣẹ́, ike kan lẹ máa yọ sínú ọbẹ̀ ata.