Ohun tó wà láàárín ìwé ìpẹ̀jọ́ àti ìdájọ́

"Mo mọ ìwé ìpẹ̀jọ́, mo mọ ìdájọ́, àmọ́ ohun tó wà láàárín wọn ò yé mi. Ṣé ẹlẹ́rìí ni gbogbo ẹ̀?"

Rárá o. Ìwé tí ẹni tó pẹjọ́ àti ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ kọ síra wọn ṣáájú ìgbẹ́jọ́ ló ń pinnu ohun tí ẹlẹ́rìí lè sọ. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní àwọn kóòtù tó ń tẹ̀ lé ìlànà òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ká ní Àìná pe Òjó lẹ́jọ́ nítorí gbèsè, wọ́n sì ti fi ìwé ìpẹ̀jọ́ lé Òjó lọ́wọ́. Bí Òjó bá dákẹ́ títí ọjọ́ fi kọjá, Àìná lè gba ìdájọ́ láìpe ẹlẹ́rìí kankan.

Ṣùgbọ́n ká ní Òjó fèsì nínú ìwé ìgbèjà rẹ̀ pé òun ò yá owó rárá. Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, lẹ́yìn tí ẹlẹ́rìí Àìná ti sọ tiwọn, Òjó wá ní òun ti san án. Agbẹjọ́rò Àìná yóò takò ó lójú ẹsẹ̀, torí pé kò sí ọ̀rọ̀ sísan nínú ìwé ìgbèjà. Àfi kí Òjó tọrọ àyè láti tún ìwé náà ṣe, bó bá sì ti pẹ́ jù, adájọ́ lè kọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àsọkẹ́yìn àwọn agbẹjọ́rò ni ìdájọ́. Ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní gbèdéke ọjọ́ tirẹ̀. Wọn kì í sábà gbọ́ ẹlẹ́rìí tuntun níbẹ̀, àkọsílẹ̀ kóòtù àkọ́kọ́ ni wọ́n ń yẹ̀ wò.