Iná méjì ń tàn pọ̀ lórí kọmpáratọ̀ bíìtì méjì

“Ẹ̀yin ọ̀gá mi, tí A bá jẹ́ 01, tí B jẹ́ 10, iná G tó ń sọ pé A ju B lọ àti iná L tó ń sọ pé A kéré sí B máa ń tàn pọ̀. Kí ni mo ṣì ṣe?”

Àbúrò, ó jọ pé o gbé A0·B0' lọ sínú OR iná G tààrà. Tí a bá ń fi 19 wé 21, ẹẹ́wàá la kọ́kọ́ ń wò. Àfi tí ẹẹ́wàá bá dọ́gba ni ẹyọ tó lẹ́nu ọ̀rọ̀. Nítorí náà, jẹ́ kí E1, tó ń sọ pé bíìtì ńlá A1 àti B1 dọ́gba, ṣọ́nà fún bíìtì kékeré A0 àti B0, kí iná E sì máa sọ pé A àti B dọ́gba:

```
E1 = A1 XNOR B1
E0 = A0 XNOR B0
E = E1·E0
G = A1·B1' + E1·A0·B0'
L = (G + E)'
```

Nínú ọ̀ràn tìrẹ, A1 jẹ́ 0, B1 jẹ́ 1, E1 á di 0, AND ẹlẹ́nu mẹ́ta yẹn á sì pa. G di 0, E náà di 0, L nìkan ló máa tàn.

NOR tí mo fi ṣe L ń dín géètì kù, ṣùgbọ́n ó ń dúró de G àti E, nítorí náà L lè ṣẹ́jú díẹ̀ nígbà tí nọ́ńbà bá ń yí padà. Fún iná lásán, kò burú. Tí L bá máa ti kanńtà, má fi ṣe kúlọ́ọ̀kù rẹ̀.

Dán gbogbo ọ̀nà 16 tí A àti B lè gbà pàdé wò: G gbọ́dọ̀ tàn lẹ́ẹ̀mẹfà, L lẹ́ẹ̀mẹfà, E lẹ́ẹ̀mẹrin.