Nígbà tí 0/0 bá jáde: √(2x + 1) láti ìpìlẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Àkúrẹ́ ni mo wà, mo ń múra ìdánwò. Wọ́n ní ká wá dẹrífétíìfù √(2x + 1) láti ìpìlẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá fi òdo sípò h, 0/0 ló ń jáde. Kí ni mo ń ṣe tí kò dáa?

Ìdáhùn: O ti yára fi òdo sípò h ni. 0/0 yẹn kì í ṣe ìdáhùn. Ohun tó ń sọ ni pé h kan fara pamọ́ lókè, tó yẹ kó pa h ìsàlẹ̀ rẹ́. Àmì gbòǹgbò ló bò ó mọ́lẹ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí:

[√(2(x + h) + 1) − √(2x + 1)] / h

Kọ́kọ́ ṣí àkámọ́ inú gbòǹgbò, kó di 2x + 2h + 1. Ẹni tó bá kọ 2x + h + 1 níbẹ̀, ìdajì ìdáhùn ni yóò rí níkẹyìn.

Wàyí o, mú ohun tó wà lókè, kí o sọ àmì ìyọkúrò àárín rẹ̀ di ìròpọ̀:

√(2x + 2h + 1) + √(2x + 1)

Fi èyí sọ òkè àti ìsàlẹ̀ di púpọ̀. Bó bá jẹ́ òkè nìkan lo ṣe é fún, ìdá náà ti di nǹkan mìíràn nìyẹn. Nítorí pé (a − b)(a + b) = a² − b², àwọn gbòǹgbò á ká kúrò lókè:

(2x + 2h + 1) − (2x + 1) = 2h

Àkámọ́ kejì yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Bí o bá gbàgbé rẹ̀, 2h + 2 ló máa jáde. Bí ohunkóhun tí kò ní h bá ṣẹ́kù lókè, pa dà sẹ́yìn, o ti ṣì í.

Má wulẹ̀ ṣí àkámọ́ ti ìsàlẹ̀, wàhálà lásán ni. Jẹ́ kí h pa h rẹ́:

2 / [√(2x + 2h + 1) + √(2x + 1)]

Ìgbà yìí gan-an ni kí o wá fi òdo sípò h. Gbòǹgbò méjèèjì ìsàlẹ̀ á di ọ̀kan náà, 2/(2√(2x + 1)), ìyẹn 1/√(2x + 1).

Dán an wò níbi tí x ti jẹ́ 4: ìdáhùn jẹ́ 1/3. Lórí ẹ̀rọ ìṣírò, fi 0.01 ṣe h. √9.02 jẹ́ nǹkan bíi 3.00333. Yọ 3 kúrò, fi 0.01 pín ìyókù, 0.333 ni.

Ṣùgbọ́n x gbọ́dọ̀ ju −1/2 lọ. Ní −1/2 gan-an, √(2h)/h ló kù, kò sì sí lìmíìtì fún un: bí h bá jẹ́ 0.0002, 100 ni. Bó bá jẹ́ 0.000002, ó ti di 1000. Níbẹ̀, ìlà gíráàfù náà dúró ṣánṣán bí ẹ̀gbẹ́ àpáta Ìdànrè.