Fọ́tò páálí, oògùn ọ̀tọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 4, tú àpò oògùn ìyá ìyàwó mi tó wá kí wa láti Ìbàdàn. Mo ya fọ́tò páálí kan, mo pe 111, nọ́ńbà ìmọ̀ràn ìlera, àmọ́ ìdajì ohun tí wọ́n bi mí ni kò sí nínú fọ́tò náà. Ọlọ́run yọ wá, kò jẹ ìkankan. Kí ló yẹ kó hàn nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ gan-an? Bàbá ọmọ mẹ́ta, Mánṣẹ́sítà.

Bàbá ọmọ mẹ́ta, ẹ kú ewu o. Fọ́tò iwájú páálí tí ẹ yà yẹn, irú rẹ̀ ni wọ́n yà nílé mi ní ọdún 5 sẹ́yìn. Oògùn tí ọmọ mi jẹ kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára páálí náà.

Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ta oògùn nílé. Ẹ béèrè ti ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n á mú sisọ́ọ̀sì, wọ́n á gé e kúrò lára sáṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fi bírò kọ "1 × 2" sára ọ̀rá. Ìyá ọkọ mi kó gbogbo gígé-gígé wọ̀nyí dé Lọ́ńdọ̀nù nínú páálí kan ṣoṣo, nítorí pé páálí náà le, kò sì ń tètè fọ́ nínú àpò. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn oríkèé, gbogbo wọn wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí ni ámílódípíìnì, mílígíráàmù 5.

Ọjọ́ Ẹtì ni. Mo wọlé láti ibi iṣẹ́ ní agogo 4 ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Mama wà ní ìdí iná, àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún 3, jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, ètè rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú bí ẹni tó lá suwíìtì. Páálí oògùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo pe 999. Kí obìnrin tó gbé fóònù tó bi mí ní ìbéèrè kejì, Mama ti gbé epo pupa dé nínú ṣíbí. Obìnrin náà ní kí a má fún un ní nǹkan kan jẹ tàbí mu, kí a má sì gbìyànjú láti mú un bì. Mo gba ṣíbí lọ́wọ́ Mama. Mi ò tíì bẹ̀ ẹ́ títí dòní fún ohùn tí mo fi sọ̀rọ̀ sí i.

Wọ́n bi mí ní orúkọ oògùn, mílígíráàmù mélòó ni hóró kan, hóró mélòó ló ṣeé ṣe kó ti jẹ, ìgbà wo ló jẹ ẹ́, àti kílò mélòó ni ọmọ náà. Kílò 15, mo rí ìyẹn nínú ìwé pupa tí wọ́n ń kọ ìlera rẹ̀ sí. Ní ti oògùn, mo ka ohun tó wà lára páálí. Mo kà á dáadáa, mo tún pe lẹ́tà rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí ánbúlánsì fi máa dé, Mama ti kó páálí náà padà sínú àpò rẹ̀, ó ti so ẹnu àpò, kí ọmọ má baà tún rí i. Mi ò béèrè. Mo gbé ọmọ, mo wọ ọkọ̀, mi ò mú oògùn kankan dání. Ẹ jọ̀ọ́, oògùn fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kó lọ, pẹ̀lú ọ̀rá àti páálí rẹ̀, àti èyí tó bọ́ sílẹ̀. Fọ́tò wà fún ìgbà tí ẹ bá gbàgbé bíi tèmi.

Ní ọsibítù, dókítà ní òun fẹ́ rí i. Mo pe ilé. Ọkọ mi wà níbi iṣẹ́ tí fóònù kì í wọ̀, àkọ́bí mi, ọmọ ọdún 11, ló gbé e. Mo ní kó ya fọ́tò oògùn ìyá àgbà, kó fi ránṣẹ́ sórí Wásáàpù. Ó yà á lóòótọ́. Iwájú páálí ni, ó mọ́ kedere. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé Mama dúró tì í, tó ń wí pé, "Èyí kọ́ o, ti inú ẹ̀ ló jẹ, èyí tó pupa yẹn, ìyẹn ni kó o yà." Ọmọ mi kò gbọ́ Yorùbá. Ó rò pé ìyá àgbà ń bínú sí òun. Ó ní sọ́rì, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó tilẹ̀kùn.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn máa sọ. Ọmọ yẹn kò tètè sọ̀rọ̀ nígbà tó wà ní kékeré, wọ́n sì ní kí a máa sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan fún un, a gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Èmi ń lọ lọ́sàn-án, bàbá rẹ̀ ń lọ lálẹ́, ta ló fẹ́ jókòó kọ́ ọ ní a, b, d? Ìdáhùn mi nìyẹn. Mo ti fún ìyá tèmi náà ní ìdáhùn yìí, kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 ló ṣòfò láàárín ilẹ̀kùn ọmọ yẹn àti àga Mama.

Dókítà wo fọ́tò páálí, ó ní òun fẹ́ rí sáṣẹ́ẹ̀tì tí ọwọ́ ọmọ kàn gan-an. Fọ́tò kejì dé: àkọ́bí mi dì í mú lábẹ́ gílóòbù, bébà fàdákà yẹn ń kọ mọ̀nà, àtàǹpàkò rẹ̀ sì bo ìdajì ọ̀rọ̀. Mo wá ní kó jẹ́ kí Mama náà máa gbọ́ mi nínú fóònù. Mo ń sọ Yorùbá fún ọ̀kan, Gẹ̀ẹ́sì fún èkejì. Kó tẹ́ ẹ sórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, kó pa fíláàṣì, kó gbé ọwọ́ kúrò. Kó ya ẹ̀yìn tí wọ́n kọ̀wé sí, kó yí i padà, kó ya ojú tí hóró oògùn ti yọ síta. Ibẹ̀ la ti rí i pé sisọ́ọ̀sì ti la àárín orúkọ oògùn kọjá. Ohun tó kù lójú fóònù mi ni DIPINE. Lábẹ́ rẹ̀ ni 20, lẹ́yìn náà Retard.

Dókítà dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ámílódípíìnì máa ń jẹ́ 5 tàbí 10. Èyí tó jẹ́ 20, tó sì ní ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́yìn, ó jọ nífẹ́dípíìnì. Àmọ́ ó jọ ọ́ ni, ẹni tó ń tọ́jú ọmọ kò fẹ́ "ó jọ". Mo pe àbúrò ọkọ mi ní Abẹ́òkúta, torí òun ló ń bá Mama ra oògùn. Ó ní odindi sáṣẹ́ẹ̀tì irú rẹ̀ kan nílé, ó yà á tojú tẹ̀yìn, ó fi ránṣẹ́. Nífẹ́dípíìnì ni lóòótọ́. Dókítà gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ilé wa, ó wo bí àwọ̀ wọn, lẹ́tà wọn àti ìlà ara wọn ṣe bára mu, kó tó gbà.

Ẹbí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan náà ni wọ́n, méjèèjì ló sì léwu fún ọmọdé, nítorí náà a ò ní sùn sílé lọ́jọ́ náà bó ti wù kó rí. Ìyàtọ̀ wà nínú iye, ó sì wà nínú ọ̀rọ̀ kékeré tó gbẹ̀yìn mílígíráàmù yẹn. Retard, tàbí SR, MR, XL lára àwọn mìíràn, túmọ̀ sí pé wọ́n ṣe hóró náà kó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí púpọ̀. Oògùn náà lè máà tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lára ọmọ tó ń ṣeré ní agogo 6. Bí ọmọ bá sì ti rún irú hóró bẹ́ẹ̀, ó lè tú lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn gan-an ni wọ́n fi bi mí bóyá ó rún un ni àbí ó gbé e mì.

Ìṣirò ló kàn. Ojú ihò 8 ló wà lára gígé sáṣẹ́ẹ̀tì yẹn, hóró 3 ló kù, 5 ti ṣófo. Mo béèrè lọ́wọ́ Mama iye tó ti lò nínú rẹ̀. Ó ní òun lo ọ̀kan lálẹ́ àná, ìyẹn dá òun lójú. Ti àárọ̀, òun ò rántí. Dókítà ní bí kò bá ti dá a lójú, a ò ní yọ ọ́ kúrò. Nítorí náà, ó kọ hóró 4 sílẹ̀, mílígíráàmù 80. Èyí tí mo ti kà fún 999, bí a bá fi 4 ṣírò rẹ̀, 20 péré ni. Àkọ́bí mi tún rí ààbọ̀ hóró kan tó ti tutù nínú kápẹ́ẹ̀tì, ó yà á láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọn ò sì tìtorí rẹ̀ dín iye yẹn kù.

Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí agogo 9 alẹ́. Ó di ẹni tí à ń jí léraléra. Wọ́n ti so wáyà mọ́ àyà rẹ̀, wọ́n ń gún ìka rẹ̀ wo ṣúgà, omi ń wọ ara rẹ̀ látinú ọ̀rá. Ìdájí ló tó bẹ̀rẹ̀ sí gòkè, a sì kúrò níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ó ti pé ọdún 8 báyìí, kò rántí nǹkan kan.

Nítorí náà, ohun tí ẹ bi mí: orúkọ oògùn gan-an ni kó hàn, èyí tí wọ́n máa ń fi lẹ́tà kéékèèké kọ sábẹ́ orúkọ tí ilé iṣẹ́ fún un, nítorí orúkọ gàdàgbà tí wọ́n mọ̀ nílé lè ṣàjèjì sí nọ́ọ̀sì ibí. Kó hàn pẹ̀lú mílígíráàmù rẹ̀ àti lẹ́tà tó bá tẹ̀ lé e. Kí gbogbo ojú ihò wọ inú fọ́tò kan láìgé etí rẹ̀, kí wọ́n lè kà á fúnra wọn. Bí ó bá ṣe oògùn tí ilé oògùn ìhín fún yín ni, ẹ ya bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ọjọ́ tí wọ́n fún yín àti iye hóró wà níbẹ̀. Nọ́ńbà NÁFÚDÁÁKÌ náà, ẹ yà á bó bá wà, àmọ́ kò lè rọ́pò orúkọ. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù, kí ẹ sì kà á. Bí ẹ̀yin ò bá lè kà á, àwọn náà ò ní lè kà á.

Àkókò ni fọ́tò kò lè sọ. Mo sọ fún wọn pé agogo 4 ààbọ̀, nítorí ìgbà yẹn ni mo wọlé. Mama ní òun gbọ́ tí ọ̀rá ń dún nígbà tí òun ń gé ilá, ìgbà tí òun gé ilá kò sì yé ẹnikẹ́ni. Ó lè jẹ́ agogo 3. Ohun tó ṣì ń jí mi lóru nìyẹn.

Ní ti ibi tí ẹ máa kó oògùn ìyá ìyàwó yín sí, ẹ bi ẹlòmíràn. Èmi ra àpótí onírin alágádágodo. Mama ní òun ò lè máa wá kọ́kọ́rọ́ kiri ní àfẹ̀mọ́júmọ́, kọ́kọ́rọ́ náà sì wà lára agádágodo rẹ̀ títí tó fi padà sílé.